Wáyà olórí méjì àti jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn

Oníṣẹ́ iná ilé ni mí, ṣùgbọ́n àwọn NẸPA ló kọ́kọ́ rí ewu yìí, kì í ṣe èmi. Oṣù keje ni, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀ka igi ńlá kan ya lu wáyà iná ní àdúgbò kan lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn, ó sì já wáyà féèsì láàárín òpó méjì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, òṣìṣẹ́ iná mẹ́ta dé láti tún un so. Wọ́n ti yọ fíùsì ìlà náà nídìí tiransífọ́mà, nítorí náà ó yẹ kí gbogbo wáyà tó wà lórí òpó ti kú. Èyí tó gun àkàbà nínú wọn ṣe ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ: kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó fi tẹ́sítà kan wáyà. Tẹ́sítà tàn.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n padà lọ wo fíùsì, ó ṣì wà nílẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e sí. Ìgbà tí wọ́n dúró jẹ́ẹ́ tí wọ́n tẹ́tí ni wọ́n gbọ́ jẹnẹrétọ̀ kan tó ń dún lẹ́yìn ilé tó wà ní ìparí ìlà náà. Wọ́n lọ bẹ àwọn ará ilé pé kí wọ́n pa á. Bí wọ́n ṣe pa á ni wáyà orí òpó kú. Wọ́n já ilé náà kúrò lórí òpó lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì sọ fún bàbá onílé pé àfi tí ó bá ṣe ṣéńjófà kí àwọn tó dá a padà. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Bàbá pè mí.

Ilé ilẹ̀ ni, yàrá mẹ́ta àti pálọ̀. Lẹ́yìn ilé ìdáná ni bákónì kékeré kan wà, òrùlé bò ó, wọ́n sì fi irin ṣe ìdènà yí i ká nítorí olè. Ibẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ bẹntiróòlù wọn jókòó sí, èyí tí wọ́n kọ 2.5 kVA sí lára. Ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, bóyá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Wáyà kan jáde lára rẹ̀, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì. Púlọ́ọ̀gì akọ ló wà ní orí rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ yóò mọ wáyà náà lójú. Ọ̀kan nínú púlọ́ọ̀gì á gba iná láti ara jẹnẹrétọ̀, èkejì á tú u sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, iná á sì gba ibẹ̀ padà sínú bọ́ọ̀dù bìrékà, láti ibẹ̀ sí gbogbo yàrá. Tí ẹnikẹ́ni bá fa orí kan yọ lára ògiri nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, irin tó yọ síta yẹn ni iná 230 fóòtì wà nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó bò ó. Ọmọ ọdún mẹ́fà wà nínú ilé náà.

Ọmọkùnrin wọn àgbà, ọmọ ọdún 16, ló máa ń tan ẹ̀rọ. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi bó ṣe máa ń ṣe é. Ó ní àwọn á kọ́kọ́ já bìrékà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà wálẹ̀, kí iná má baà jáde lọ sí òpó, àwọn á wá ki wáyà bọ ògiri, àwọn á sì fa ẹ̀rọ.

“Ṣé o já a wálẹ̀ láàárọ̀ òní?”

“Bọ̀dá, mo rò pé mo ti já a. Alẹ́ àná ni mo gbé e sókè láti wò ó bóyá NẸPA ti dé.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ṣùgbọ́n tí mo bá gbàgbé tẹ́lẹ̀, jẹnẹrétọ̀ máa ń kérora, á sì kú. Tòní ò kérora rárá.”

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ló la ohun tó ṣẹlẹ̀ yé mi. Ní ọjọ́ mìíràn tí wọ́n bá gbàgbé bìrékà ńlá, iná tó jáde láti ilé wọn á kọlu gbogbo ilé tó wà lórí ìlà náà, fìríìjì, fáànù àti gílóòbù ogún ilé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè gbé ẹrù yẹn, nítorí náà á kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ìdílé náà ti wá fi ikú ẹ̀rọ yìí ṣe ìkìlọ̀. Ọkàn wọn balẹ̀ pé tí àwọn bá ṣe àṣìṣe, ẹ̀rọ á sọ fún àwọn. Àmọ́ ẹ̀ka igi ti já wáyà lóru. Lẹ́yìn ibi tí ó ti já, ilé wọn àti ilé kan ṣoṣo ló kù. Ẹrù náà kò tó nǹkan, jẹnẹrétọ̀ gbé e láìkérora, ó sì mú wáyà orí òpó wà láàyè ní gbogbo ìgbà tí òṣìṣẹ́ yẹn ń gun àkàbà. Mo lọ bá aládùúgbò náà. Ó ní òun rí iná láàárọ̀, ó ń ràn ó ń ṣú, òun sì rò pé NẸPA ló mú un wá ní ìdákúrekú.

Mo fẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi dúró síbi kókó yìí, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa: “Jẹnẹrétọ̀ kékeré ò lè ti iná sí òpó, á kú ni.” Ó máa ń kú nígbà tí ìlà bá pé. Ọjọ́ tí wáyà bá já, tí wọ́n bá yọ fíùsì, tí òpó bá wó, ọjọ́ yẹn gan-an ni ẹrù máa ń fúyẹ́, ọjọ́ yẹn náà sì ni ènìyàn máa ń fọwọ́ kan wáyà. 230 fóòtì tó láti pa á. Tí fíùsì bá sì wà nídìí tiransífọ́mà, nǹkan lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tiransífọ́mà àdúgbò tó ń sọ 11,000 fóòtì di 230 fún ilé kọ̀ọ̀kan kò mọ ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí a bá fún un ní 230 láti ìsàlẹ̀, yóò gbé e padà sókè sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì lórí wáyà òkè, níbi tí òṣìṣẹ́ mìíràn lè wà ní ibùsọ̀ méjì sí ibi tí ẹ̀rọ ti ń dún.

Bí mo ṣe ń ya àwòrán ibi tí wáyà gbà ni mo rí ọmọbìnrin kékeré náà lórí àga gbọọrọ ní pálọ̀, tó fi ọwọ́ bo ojú. Màmá ní ibà ni. Ó ní ẹ̀ẹ̀kejì rèé láàárín oṣù kan tí wọ́n ti ra oògùn ibà fún un, orí ń fọ́ ọ, ó sì bì láàárọ̀. Mo béèrè bóyá orí ń fọ́ àwọn tó kù. Màmá ní orí máa ń fọ́ òun náà tí òun bá jí, ṣùgbọ́n tí òun bá ti dé ọjà, kó tó di ọ̀sán, á ti lọ. Bàbá ń ṣe iṣẹ́ ọdẹ alẹ́, kì í sun ilé, kò sì sí ohun tó ń ṣe é.

N kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ibà kì í dúró de ìgbà tí ènìyàn bá wọlé kó tó mú un, kó sì fi í sílẹ̀ tó bá jáde. Mo béèrè àárọ̀ tí orí ń fọ́ wọn jù, wọ́n sì kà á fún mi. Gbogbo rẹ̀ ló tẹ̀lé òru tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sùn. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná kì í tì dáadáa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó jáde láti ibẹ̀ ló sì lọ tààrà sí yàrá tí Màmá àti ọmọ ń sùn. Mo ní kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì rí i pé ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sọ.

Ilé ìtọ́jú kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ dé fi ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka wọ̀n ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó kọ 98, wọ́n ní kò sí wàhálà. Màmá pè mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má padà sílé, kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ibẹ̀ ni dókítà ti ṣàlàyé fún wọn ohun tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo oníṣẹ́ iná mọ̀. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà, tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù mònọ́sáìdì, máa ń so mọ́ ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí ọ́síjìn ṣe ń so mọ́ ọn lọ. Á gba àyè ọ́síjìn, kò sì ní tètè kúrò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka kò dá àwọn méjèèjì mọ̀ yàtọ̀, á kà á pọ̀ bí ẹni pé ọ́síjìn ni gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi kọ 98. Wọ́n fi ọ́síjìn sí ọmọ náà nímú fún wákàtí bíi mélòó kan, nítorí pé ọ́síjìn tó pọ̀ máa ń lé ìdajì afẹ́fẹ́ náà jáde ní wákàtí kan tàbí díẹ̀ lé, níbi tí afẹ́fẹ́ lásán á ti gbà tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún kó tó lé ìdajì náà jáde. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń béèrè oúnjẹ.

Màmá sọ ohun kan nígbà tí wọ́n dé: “Ẹnjiníà, a kì í gbóòórùn èéfín lálẹ́. Tí a bá gbóòórùn rẹ̀, à bá ti pa á.” Òótọ́ ni. Òórùn tí à ń gbọ́ lára èéfín, ti epo tí kò jó tán ni. Èyí tó ń pani kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì lè rìn dé ibi tí òórùn kò bá a dé.

Mo wá béèrè lọ́wọ́ Bàbá ìdí tí ẹ̀rọ fi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo rò pé olè ni yóò sọ. Ó mẹ́nu ba olè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé: “Ibẹ̀ ni wáyà gùn dé.” Wáyà olórí méjì yẹn kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná ló yan ibi tí jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó, jẹnẹrétọ̀ sì yan ibi tí èéfín ń wọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ mọ́. Wáyà tó fẹ́ pa òṣìṣẹ́ NẸPA lórí òpó ló ń fi májèlé pa ọmọ nínú yàrá. Tí mo bá ṣe ṣéńjófà, tí mo sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ níbi tó wà, ìdajì iṣẹ́ ni mo ṣe.

Ṣéńjófà tí mo lò jẹ́ ti áńpù 63, oníwáyà méjì, tó ní ipò mẹ́ta: I, O, II. Wáyà tó ti mítà àti bìrékà ńlá bọ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ I, ti jẹnẹrétọ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ II, àárín ni wáyà tó lọ sí bọ́ọ̀dù bìrékà ti jáde. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yí, á kọ́kọ́ já kúrò lára ọ̀kan pátápátá, á gba O kọjá, kó tó kan èkejì. Kò sí ibi tí méjèèjì ti lè pàdé, bí ẹni tó ń yí i tilẹ̀ gbàgbé gbogbo nǹkan. Ohun tó yàtọ̀ sí bìrékà tí ọmọ yẹn ń já wálẹ̀ nìyí. Ti ọmọ náà dúró lórí ìrántí. Mo tún fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ pé féèsì àti niútírà gbọ́dọ̀ já pọ̀. Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n gba féèsì nìkan kọjá nínú ṣéńjófà, tí wọ́n sì lọ́ gbogbo niútírà pọ̀ sójú kan kí wáyà má baà tán. Níbẹ̀, niútírà jẹnẹrétọ̀ ṣì wà lára ti òpó, wàhálà tó bá bá ọ̀kan á kọjá sí èkejì.

Kí a tó pe NẸPA padà ni a ti dán an wò. Wọ́n ti já wa kúrò lórí òpó, ìyẹn ló jẹ́ kí ìdánwò náà wà láìléwu. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo yí ọwọ́ sí II, mo sì jáde lọ wo mítà. Mítà àsansílẹ̀ ni, ó ní iná pupa kékeré kan tó máa ń ṣẹ́jú. Ó yẹ kó kú fin, nítorí kò sí ohun tó ń bọ̀ láti òpó, ṣéńjófà sì ti gé ilé kúrò lára rẹ̀.

Iná pupa náà ń ṣẹ́jú.

Mo kọ́kọ́ rò pé mo so wáyà sódì. Mo tú ṣéńjófà, mo tún un wò, ó tọ́. Mo wá ní kí ọmọ iṣẹ́ mi dúró ti mítà, mo sì ń pa bìrékà inú bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo pa ti ilé ìdáná ló pariwo pé iná mítà ti kú. A tọ wáyà ilé ìdáná lọ. Ẹ̀yìn ògiri ló gbà jáde lọ sídìí kànga, níbi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì pọ́ńpù wà. Wáyà méjì ló pàdé nínú àpótí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Ẹnì kan ti kọ́kọ́ fa ọ̀kan láti ìdí mítà tààrà, láìgba bìrékà ńlá, kí pọ́ńpù lè rí iná tó le. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹlòmíràn fa èkejì láti ilé ìdáná kí jẹnẹrétọ̀ náà lè fa omi, ó sì dè é mọ́ ti àkọ́kọ́. Iná jẹnẹrétọ̀ ń gba bọ́ọ̀dù dé ilé ìdáná, ó ń ti ibẹ̀ dé kànga, ó sì ń gba wáyà àtijọ́ padà sí mítà àti òpó. Súwíìsì kan ló wà lójú wáyà àtijọ́ yẹn: nígbàkígbà tí ó bá wà lókè, ọ̀nà ẹ̀yìn yìí ṣí sílẹ̀, kódà bí ọmọ yẹn bá rántí já bìrékà ńlá wálẹ̀. Màmá rántí nígbà náà pé ó ya òun lẹ́nu bí yúníìtì ṣe dín kù ní àárọ̀ ọjọ́ tí wáyà já, tí NẸPA kò sí. Mo ti rí mítà tó ń ka iná tó bá gba inú rẹ̀ padà bí ẹni pé àwọn ni wọ́n lò ó, nítorí náà mo gbà á gbọ́.

Mo yọ wáyà tó ti ìdí mítà bọ̀ kúrò pátápátá, pọ́ńpù wá ń gba bọ́ọ̀dù nìkan. A tan ẹ̀rọ padà, mítà kú. Síbẹ̀ mi ò fi iná pupa nìkan ṣe ẹ̀rí. Mo gbé gílóòbù 60 tí mo so wáyà méjì mọ́, mo kàn án mọ́ ẹnu ibi tí wáyà NẸPA ti wọ ṣéńjófà. Kò ràn. Gílóòbù ni mo gbẹ́kẹ̀ lé ju mọ́tímítà lọ fún irú èyí, nítorí mọ́tímítà lè kọ fóòtì 20 tàbí 40 lórí wáyà tó kú nítorí pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà láàyè nínú páìpù kan náà, á sì da ènìyàn láàmú. Nígbà tí àwọn NẸPA dé, ọ̀gá wọn ní kí n tan jẹnẹrétọ̀ ná kí òun tó so ohunkóhun. Òun fúnra rẹ̀ gun òpó, ó fi tẹ́sítà kan wáyà ilé náà. Ó dúró pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n pa á, ó sì so wá padà. Mo bọ̀wọ̀ fún un púpọ̀ fún ìyẹn.

Ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe tèmi ni ibi tí mo gbé ẹ̀rọ sí. Mo gbé e kúrò ní bákónì lọ sí ẹ̀yìnkùlé, láàárín ògiri ilé àti fẹ́ǹsì, tó tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí fèrèsé yàrá Màmá. Mo kọ ẹnu sàlẹ́ńsà sí fẹ́ǹsì. Ní ojú mi, ìta ni, ojú ọ̀run ló bò ó, ó ti parí. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa ni pé mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ olóró náà, mo sì gbé e kọ́ sínú yàrá wọn.

Ní òru ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀rọ náà ké. Ọmọkùnrin náà pè mí ní aago méjì ku díẹ̀. Ojú ẹ̀rọ kọ 71 PPM, ìyẹn ìpín 71 afẹ́fẹ́ olóró nínú mílíọ̀nù kan. Mo ní kí gbogbo wọn jáde síta, kó pa jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n ṣí gbogbo fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má sì wọlé títí tí yóò fi dé òdo. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ké lójú ẹsẹ̀ tí iye náà bá kéré. Ní àyíká 50, á dúró fún wákàtí kan sí wákàtí kan àbọ̀. Tó bá tó 300, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Èyí fi hàn mí pé èéfín ti ń wọlé tipẹ́ kí a tó gbọ́ ariwo, láti ara ẹ̀rọ tó wà níta.

Mo dé ibẹ̀ ní ìdájí. Mo tan kọ́ìlì ẹ̀fọn kan, mo sì mú un dúró níbi tí ẹnu sàlẹ́ńsà wà. Èéfín rẹ̀ lọ kan fẹ́ǹsì, kò rí ọ̀nà kọjá, ó yí padà, ó fà mọ́ ògiri ilé, ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé fèrèsé, ó wọlé láàárín gíláàsì kan sí èkejì bí ẹni pé wọ́n pè é. Láàárín ògiri àti fẹ́ǹsì yẹn kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lọ. Mo ti gbé ẹ̀rọ sínú kòtò tí kò ní òrùlé. Fèrèsé tí wọ́n ṣí sílẹ̀ kí atẹ́gùn baà lé èéfín gan-an lèéfín ń gbà wọlé.

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màmá, mo sì sọ fún Bàbá pé iwájú ilé ni yóò lọ. Ìdíwọ̀n tí mo ń lò báyìí ni ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán sí ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé èyíkéyìí, ti aládùúgbò náà wà nínú rẹ̀, kí ẹnu sàlẹ́ńsà sì kọjú sí ibi gbalasa. Igun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gééètì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 26 sí fèrèsé tó súnmọ́ ọn jù. Bàbá kọ̀ ní àkọ́kọ́.

“Ẹnjiníà, wọ́n á jí i gbé kí ilẹ̀ tó mọ́.”

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí a dè é mọ́lẹ̀. Ẹ ò lè de èéfín.”

A da kọ́ńkéré pẹrẹsẹ, a ri irin onígun sínú rẹ̀ kó tó gan, ṣéènì wọ inú irin náà. Alúrinmọ́ ṣe àgò onírin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀, ó gbé páànù lé e lórí ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sókè ẹ̀rọ kí òjò má baà pa á. Alúrinmọ́ fẹ́ fi páànù bo ẹ̀gbẹ́ náà nítorí ariwo, mo ní rárá. Bàbá tún dábàá pé kí a fi páìpù fa sàlẹ́ńsà gùn dípò kí a gbé ẹ̀rọ jìnnà, bí ó ṣe rí i nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ojú ibi tí wọ́n ti jó páìpù náà pọ̀ máa ń là nítorí ooru àti gbígbọ̀n, á sì máa tú èéfín sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí.

Wáyà tó ti igun yẹn dé ṣéńjófà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iná á ti rẹ̀ kó tó dé. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: 2,500 tí a fi 230 pín, áńpù 11 ni ẹ̀rọ náà lè fún wa. Lórí wáyà 2.5 mm² tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ohun tó máa sọnù lójú ọ̀nà kò tó fóòtì mẹ́ta nínú 230. Mo ri i sínú páìpù, a gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀. Púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo ló wà lórí rẹ̀, èyí tó wọ ara jẹnẹrétọ̀. Orí kejì wọ inú ṣéńjófà, sukúrúù ló dè é. Tí ẹnikẹ́ni bá fa púlọ́ọ̀gì yẹn yọ, kò sí iná lára irin rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí ọmọkùnrin yẹn ti sọ fún mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó gbé bìrékà ńlá sókè lóru nítorí kò ní ọ̀nà mìíràn láti mọ̀ pé NẸPA ti dé. Tí mi ò bá wá nǹkan ṣe sí i, á tún máa yí ṣéńjófà wò lóru. Mo so gílóòbù pupa kékeré kan mọ́ wáyà NẸPA kó tó wọ ṣéńjófà, mo sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Tó bá tàn, NẸPA ti dé. Màmá àti ọmọ ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí i, kì í ṣe Bàbá, nítorí Bàbá kì í sí nílé lóru. Mo ní kí wọ́n ṣe é lójú mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ọwọ́ á wà ní O, wọ́n á tan ẹ̀rọ, wọ́n á jẹ́ kó dún dọ́gba fún bí ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tó yí i sí II. Tí gílóòbù pupa bá tàn, wọ́n á dá a padà sí O, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á yí i sí I, wọ́n á wá lọ pa ẹ̀rọ.

Bàbá fẹ́ kí n fi wáyà olórí méjì náà sílẹ̀ nítorí ọjọ́ tí ṣéńjófà bá bàjẹ́. Mo gé orí rẹ̀ méjèèjì níwájú rẹ̀, mo sì kó wọn lọ.

Iṣẹ́ yìí yí ọ̀nà tí mo ń gbà ṣiṣẹ́ padà. Tí wọ́n bá pè mí fún ṣéńjófà, mo máa ń béèrè ẹni tí orí ń fọ́ láàárọ̀ kí n tó ṣí àpótí irinṣẹ́. Mo máa ń béèrè pọ́ńpù, iná ẹ̀yìn ilé àti ṣọ́ọ̀bù iwájú, nítorí àwọn ni wọ́n sábà máa ń fa wáyà wọn láti ìdí mítà. Mi ò gba owó ìkẹyìn kí gílóòbù mi tó dúró láìràn lẹ́nu wáyà NẸPA nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún. Kọ́ìlì ẹ̀fọn wà nínú àpò mi. Mo mọ̀ pé atẹ́gùn àárọ̀ yàtọ̀ sí ti òru, ohun tí èéfín kọ́ìlì sọ lè yí padà kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà mi ò fi rọ́pò ẹsẹ̀ bàtà 20, mi ò sì fi rọ́pò ẹ̀rọ tó ń ké. Ẹ̀rọ ilé yẹn ṣì wà lára ògiri yàrá Màmá. Mo yà síbẹ̀ nínú ọyẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi wọlé láti wá wò ó. Òdo ló wà lójú rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ gééètì.